Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: òkìtì ọsàn tí kò ní orí

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àdúrótì. Láti ìgbà tí ìwé ìtàn Ìyá Ọlọ́sàn ti ń dé ọwọ́ yín ni ẹjọ́ kan náà ti ń padà wá bá wa: “Ẹ ṣi ojú ìwé keje tẹ̀. Òkìtì tó gbẹ̀yìn kò pé.” Àwọn kan tilẹ̀ ní ká gba ìwé wa padà. Ẹ má bínú, òkìtì yẹn kò ní pé, torí òun gan-an ni ìtàn náà. A ṣe àṣìṣe nínú ìwé yẹn lóòótọ́, àmọ́ ojú ìwé mìíràn ló wà, ọmọ ọdún márùn-ún kan ló sì rí i kí àwa àgbà tó rí i. N óò débẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, bí ìtàn náà ṣe rí nínú ìwé tuntun nìyí:

Ìyá Ọlọ́sàn ra ogójì ọsàn. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí ọmọ òun wá bá òun tò ó. Wọ́n tẹ́ mẹ́fà sísàlẹ̀. Wọ́n to mẹ́ta lé e. Wọ́n fi ẹyọ kan ṣe orí.

“Ẹ̀wá!” ni ọmọ wí.

Wọ́n to òmíràn. “Ogún!”

Wọ́n tún to òmíràn. “Ọgbọ̀n!”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òkìtì kẹrin. Mẹ́fà sísàlẹ̀. Mẹ́ta lé e. Ọmọ ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ kó lè mú orí rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo.

“Ta ló mú ọsàn mi?” Ìyá Ọlọ́sàn wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ń jẹ ewé tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo ọmọ. Ọmọ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì: wọ́n gbẹ, wọn kò rùn bí ọsàn.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn òkìtì yòókù.”

Wọ́n wo àkọ́kọ́: mẹ́fà, mẹ́ta, ọ̀kan. Wọ́n wo èkejì: mẹ́fà, mẹ́ta, ọ̀kan. Ẹ̀kẹta náà: mẹ́fà, mẹ́ta, ọ̀kan.

“Mọ́kàndínlógójì ni,” ni Ìyá Ọlọ́sàn wí. Ó dìde láti lọ wá a. Bó ṣe dìde báyìí, ọsàn kan rọra yí jáde lábẹ́ àpótí.

Ọmọ gbé e, ó fi dé òkìtì kẹrin lórí. “Ogójì!”

Ìtàn parí.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí a kò fi kàn tẹ́ ọsàn náà kalẹ̀ lásán, ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ẹ da mẹ́sàn-án sílẹ̀ níhìn-ín, ẹ da mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ ní kí ọmọ sọ èyí tó dín láìkà á. Kò ní mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà lè má mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí mẹ́wàá bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta àti ọ̀kan, èyí tó dín ń fi ara rẹ̀ hàn: kò ní orí. Bí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ fi mẹ́ta sí ìlà kan, méjì sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kó dà bí ìdáná oníhà mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta òkè á jókòó sínú kòtò tó wà láàárín wọn. Ìsàlẹ̀ á fẹ́ yí lọ o, nítorí náà ẹ ká aṣọ bí òṣùká yí i ká. Ẹ ṣa àwọn tó tóbi bákan náà pẹ̀lú.

Ó wá ku àṣìṣe wa. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ní ojú ìwé kẹrin, ayàwòrán wa ya ọsàn kan lé sẹ́yìn òkìtì kejì, ó yọ orí díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú wa. Ọmọ tí mo sọ yẹn fi ìka kan ọsàn kọ̀ọ̀kan títí, ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí ọsàn tó sọnù, ó wà ní ojú ìwé kẹrin. Òótọ́ lọ́mọ wí. Mẹ́wàá, mọ́kànlá, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án: ẹ rò ó pọ̀, ogójì pé géré. Ìyá Ọlọ́sàn wa ti fura sí ewúrẹ́ lásán.

Ojú tì wá, ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ohun tí ìtàn wa ṣaláìní hàn wá. Bí òkìtì ìkẹyìn bá dín ọ̀kan, ó lè jẹ́ pé ọsàn sọnù, ó sì lè jẹ́ pé òkìtì kan ṣáájú ti gba ọ̀kan lé. Òkìtì kẹrin nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí “ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn òkìtì yòókù” fi wọ inú ìwé tuntun. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan ní ká sọ ogójì ọsàn náà di àádọ́ta kí ìwé lè gùn. A rò ó, a kọ̀. Ọ̀kan dín ní ogójì ni mọ́kàndínlógójì, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó sọnù kí ẹnikẹ́ni tó wá a. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wá tó dín ní ọgọ́ta, nítorí náà mọ́kàndínláàádọ́ta ti di àdín nínú àdín. Ó ti pọ̀ jù fún ọmọ kékeré. Bí tiyín bá kéré gan-an, ẹ fi òkìtì méjì ṣe é, kí mọ́kàndínlógún jẹ́ ìdáhùn.

Bí ẹ bá ń ṣeré náà, ẹ lè mú méjì, mẹ́ta, títí dé márùn-ún kúrò nínú ogójì. Márùndínlógójì ṣì ń wo iwájú. Bí ẹ bá mú mẹ́fà, orúkọ á padà sẹ́yìn: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ á sì ní láti ronú kó tó mọ iye tó sọnù. Bí ọmọ bá ní “mẹ́sàn-án lé lọ́gbọ̀n” dípò mọ́kàndínlógójì, ẹ má bá a jà. Ó ka ohun tó rí, kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni ọmọ tó pariwo “ogójì” nígbà tí òkìtì kẹrin kò tíì ní orí. Orin ló ń kọ, ẹnu rẹ̀ ti sáré ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún un pé a kì í pe orúkọ òkìtì títí orí rẹ̀ á fi dé.

Ẹni tó ní ìwé àkọ́kọ́, ẹ wo ojú ìwé kẹrin. Bí ẹ bá rí ọsàn tó ń yọjú lẹ́yìn òkìtì kejì, ẹ mú un wá, a ó pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Bí ọmọ yín bá sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ nítorí ọsàn yẹn, bí ọmọ wa ọjọ́sí ti ṣe, ẹ fi sílẹ̀ fún un, kí ẹ kàn fi tó wa létí ká lè fún yín ní tuntun mọ́ ọn.

Àwa òǹtẹ̀wé yín