Lẹ́tà sí ọmọ mi lórí gbígba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú tẹ́ẹ̀sì

Ọ̀bá-Ilé, Àkúrẹ́.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé tẹ́ẹ̀sì yín kù sí dẹ̀dẹ̀, àti pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ pé tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ìdánwò, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n fi han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tí máàkì bá ti wà lórí rẹ̀, òfin ìdánwò ni ó sábà máa ń dè é. Òfin náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá ìwọ ni o bẹ̀bẹ̀ fún ìdáhùn tàbí ẹnìkan ni ó kàn jù ú sí ọ. Bí o bá ti lò ó, o ti ṣẹ̀, ẹni tí ó fún ọ náà sì ti ṣẹ̀. Apá kejì yìí ni ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ irú rẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì kẹ́mísìrì ni, máàkì 20 nínú 100. Ìbéèrè kan sọ pé 23.60 ni ìwọ̀n ásíìdì tí wọ́n lò. Ọmọ kan ṣèèṣì kọ ọ́ sí 26.30, ìdáhùn rẹ̀ sì di 0.095 dípò 0.106. Ẹni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kọ 26.30, ó sì rí 0.095. Bí ó bá jẹ́ pé ìdáhùn àwọn méjèèjì tọ̀nà ni, kò sí ẹni tí ì bá fura, nítorí ìdáhùn tí ó tọ̀nà kì í ṣe ẹ̀rí lòdì sí ẹnikẹ́ni; àṣìṣe kan náà, ní ojú ibi kan náà, ni ó máa ń mú kí olùmáàkì fura.

Síbẹ̀, àṣìṣe náà nìkan kò tó, nítorí ó lè jẹ́ inú nóòtì kíláàsì ni àwọn méjèèjì ti kó o. A pe wọ́n wọlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ní kí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ rí ibi tí òun ti yí nọ́ńbà padà. Ẹnì kejì kò lè sọ bí ó ṣe dé 0.095 rárá, ó sì jẹ́wọ́. Òdo ni àwọn méjèèjì gbà nínú tẹ́ẹ̀sì náà. Inú mi bàjẹ́ fún ẹni àkọ́kọ́, nítorí àánú ni ó mú kí ó fi ìdáhùn rẹ̀ han ẹnì kejì, ṣùgbọ́n òfin kò ya àánú sọ́tọ̀. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, gbogbo kọ́ọ̀sì náà ni ì bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí kí wọ́n lé wọn sílé fún sáà kan.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ju ìwé sí ọ, má ṣe ṣí i, má ṣe fi sápò. Na ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀, kí o fà á lé olùṣọ́ ìdánwò lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀sùn, bí o kò tilẹ̀ kà á.

Èmi ni bàbá rẹ.