Pupa epo gan-an ni fítámì rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lójú ewé oúnjẹ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń fi fítámì A sí òróró, kò sí ohun tí epo pupa fi jù ú lọ mọ́. Ọbẹ̀ ayamaṣe ni mò ń sè tà l'Abẹ́òkúta, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní pólì kí n tó dá búkà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Lóòótọ́ ni òfin ilẹ̀ wa ní kí fítámì A wọ òróró, mílígíráàmù 6 nínú kílò kan. Ṣíbí ìjẹun kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 14, nítorí náà máíkírógíráàmù 84 ló wà nínú rẹ̀.

Epo pupa kò ní fítámì A fúnra rẹ̀. Karotíìnì ló ní, ohun tó mú kó pọ́n, tí ara wa sì ń sọ di fítámì. Mílígíráàmù 500 sí 700 ló máa ń wà nínú kílò kan. Ẹ jẹ́ ká mú 500, kí n má bàa dà bí ẹni tó ń polówó: ìyẹn fún wa ní mílígíráàmù 7 nínú ṣíbí kan. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ bẹ́tà-karotíìnì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ áfà-karotíìnì. Ara ń ná 12 bẹ́tà kó tó rí 1 fítámì A, ó sì ń ná 24 áfà. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ẹ ó rí nǹkan bíi máíkírógíráàmù 390, ó ju ìlọ́po mẹ́rin ti òróró lọ. Máíkírógíráàmù 700 ni àgbà obìnrin ń fẹ́ lóòjọ́. Ìṣirò tó le nìyẹn pàápàá, torí pé karotíìnì tó wà nínú epo rọrùn fún ara láti gbà ju ti inú ewé lọ.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi kọ̀wé gan-an nìyí. Púpọ̀ nínú òróró tí à ń rà, inú ẹyìn ọ̀pẹ kan náà ló ti wá. Nílé iṣẹ́, wọ́n ń fi irú amọ̀ kan fa àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e dé ooru tó ju dígírì 240 lọ kí òórùn rẹ̀ lè tán. Karotíìnì kì í ṣẹ́kù. Èmi náà ń ṣe ohun tó jọ ọ́ láàárọ̀: mo dé ìkòkò, mo ń yọ́ epo títí yóò fi rú èéfín, tí yóò sì di bíi omi tíì. Ayamaṣe dùn lóòótọ́, àmọ́ fítámì ti bá àwọ̀ lọ. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kàn gbóná díẹ̀ kó tó wọ ata kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣì wà.

Ẹni tí dókítà bá ní kó dín ọ̀rá kù ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, torí pé bí ìdajì ọ̀rá epo ọ̀pẹ jẹ́ irú èyí tí ń dì. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé àwọn kan ń fi aró pa epo láró lọ́jà. Bí mo bá fura sí epo kan, mo máa ń yọ́ ṣíbí méjì nínú páànù títí yóò fi rú èéfín. Bó bá pọ́n síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti yẹ kó ti ṣí, n kì í rà á.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta