Àkànkẹ́, Gbé Aago Yẹn Kúrò Nílẹ̀

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Àbúrò rẹ ló wá sọ fún mi pé o ti kó káàdì wọ kíláàsì, pé àwọn ọmọ ń fi kọ́ àròpọ̀, pé ariwo wọn pọ̀ ṣùgbọ́n inú wọn ń dùn. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Àwọn tó ń sọ pé tẹ́tẹ́ lò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, jẹ́ kí wọ́n máa wí. Kò kúkú sówó níbẹ̀. Èyí tó sọ kẹ́yìn, tó sọ bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan, ni kò jẹ́ kí n sùn: pé o ń fi aago ká wọn mọ́, àti pé ọmọ kan kó káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ó gbórí lé tábìlì, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ọmọ wo nìyẹn? Ṣé o tilẹ̀ jókòó tì í?

Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti fúyẹ́. A ti tún òrùlé ẹ̀yìn ṣe, kò jò mọ́.

Eré Ogun ni mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn jù. Ó dáa. O yọ àwọn káàdì tó ní àwòrán èèyàn kúrò, 52 di 40, káàdì A dúró fún ọ̀kan. Ọmọ méjì pín in dọ́gba, oníkálukú ṣí méjì, ó ro wọ́n pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá dọ́gba, wọ́n tún ṣí méjì méjì lé e, ẹni tó bá borí kó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ibi tí eré náà ti lè tàn ọ́ jẹ, ìwọ olùkọ́. Ọ̀kan ṣí 9 àti 8, èkejì ṣí 3 àti 2. Ta ló nílò àròpọ̀ níbẹ̀? Ojú lásán ti rí èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ lè borí láti àárọ̀ dọ̀sán láìro ohunkóhun pọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan káàdì àfi tí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu sọ iye tiwọn, tí ẹnìkejì sì ti gbà pé òótọ́ ni. Òfin kékeré yẹn ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́.

Aago wá ńkọ́? Àkànkẹ́, kí lo fi ń ṣe? Nínú Ogun, oríire ló ń pín káàdì. Ọmọ tó ń lọ́ra lè ṣí 10 àti 9 kó sì borí ẹni tó yára jù ní kíláàsì, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó lọ́ra. Oríire yẹn ló ń bo àṣírí rẹ̀. Ìgbà tó o gbé aago sí i, o ṣí i sí gbangba.

Jókòó tì í lọ́la, má sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ ni kó o máa wò. Bó bá ṣí 8 àti 5, tó sì ń fọwọ́ kan àmì orí 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí dé mẹ́jọ kó tó wá bọ́ sórí 5, a jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣì ń kà á. Ẹlòmíràn á kàn pe mẹ́jọ, á wá máa tẹ àmì orí 5 nìkan: mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá. Ìyẹn ti kúrò níbi tí ti àkọ́kọ́ wà. Ẹnì kẹta á ní, ó ku méjì kí mẹ́jọ pé mẹ́wàá, mo bù ú lára márùn-ún, ó ṣẹ́ ku mẹ́ta, mẹ́tàlá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà á. Ọmọ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olódo. Aago rẹ ló máa ń dún kó tó dé ibẹ̀. Bó bá sì dún lé e lórí léraléra, á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, á sì máa fi ìka pamọ́.

Mo mọ̀ nítorí pé ìwọ náà ṣe é. Abẹ́ tábìlì ni ọwọ́ rẹ máa ń wà nígbà tí mo bá ń bi ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ní àròpọ̀, tí mo ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn. Mo rí ọwọ́ yẹn. Mo dákẹ́ torí pé ìdáhùn rẹ máa ń tọ̀nà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ó yá, fi Ogun sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná, kó o fún wọn ní Pé-Mẹ́wàá. Yọ àwọn 10 náà, á ku 36. Ẹ tẹ́ 12 sílẹ̀, kí ojú wọn wà lókè, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú méjì tó pé mẹ́wàá, kó sì fi méjì míì dí àyè wọn. Bí kò bá sí èyí tó bára mu, ẹ tẹ́ méjì sí i. Ní títò ni o, ẹ má jà á gbà! Bí wọ́n bá ń já a gbà, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá á kó o tán, ọmọ tí mo ń sọ á di òǹwòran.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé káàdì fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka àṣìṣe. 1 pẹ̀lú 9, 2 pẹ̀lú 8, 3 pẹ̀lú 7, 4 pẹ̀lú 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ìdì mẹ́rin. 5 pẹ̀lú 5 jẹ́ méjì. Ìdì 18, káàdì 36 tán pátápátá. Bó bá wá ku 7 àti 4 sílẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n ní eré ti bàjẹ́. Ó yẹ kí 7 wà pẹ̀lú 3, kí 4 wà pẹ̀lú 6, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi 3 àti 6 ṣe ìdì. Ní kí wọ́n tú ohun tí wọ́n kó wò, wọ́n á rí àṣìṣe náà. Bó bá jẹ́ 6 kan ṣoṣo ló kù, ẹ wá abẹ́ ìjókòó, ó lè jẹ́ pé 4 kan ti já bọ́. Àmọ́ má gbẹ́kẹ̀ lé e tán o: bí ẹlòmíràn bá tún ti kó 7 àti 4 yẹn, kò ní í ku nǹkan kan, àṣìṣe méjì á sì wà níbẹ̀. Ní kí wọ́n máa pe ìdì wọn jáde bí wọ́n ṣe ń mú un.

Tí ìkejì nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó máa pé mẹ́wàá bá ti ń bọ́ sí wọn lẹ́nu láìkà á, dá Ogun padà, láìsí aago. Fún ọmọ yẹn, mú káàdì 1 sí 5 nìkan, 20 péré, àròpọ̀ rẹ̀ kò ní í ju mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n pín irú rẹ̀ fún tábìlì méjì mẹ́ta míì, kó má baà dà bíi pé òun nìkan lo yà sọ́tọ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Òun nìkan kọ́.

Mi ò bínú sí ọ. O kàn ń yára jù, níbi tó o ti mú un náà ni mo mọ̀.

Pè mí ní Sátidé, kó o sọ bí ìka rẹ̀ ṣe rìn fún mi. Bàbá rẹ ní kó o fi páálí káàdì kan ránṣẹ́ sí òun. Má dá a lóhùn; á kàn máa rẹ́ mi jẹ ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ