Sí Táíwò, kí o tó da dẹ́kìǹ

Abẹ́òkúta

Táíwò ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe fómánù, àti pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ máa da dẹ́kìǹ. Inú mi dùn, inú ìyá rẹ náà dùn. Ṣùgbọ́n o kọ iye àpò sìmẹ́ǹtì tí o fẹ́ rà, o ò kọ bí o ṣe ṣírò rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rántí ọmọkùnrin kan tó ṣe fómánù nídìí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbarà níbí.

Ọmọ tó já fáfá ni. Dẹ́kìǹ rẹ̀ gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 8, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, ó bá kúbíkì mítà 12. Tí a bá po kankéré ní sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, kúbíkì mítà kan máa ń jẹ àpò mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ó rí 76, ó ra 80, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ohun tó ṣírò ni ohun tí ojú rí láti òkè. Bíìmù wà lábẹ́ rẹ̀: ó yí ilé ká ní mítà 36, òmíràn sì dábùú àárín ní mítà 8. Sẹ̀ǹtímítà 30 ni wọ́n fi jìn ju dẹ́kìǹ lọ, wọ́n sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 22 àtààbọ̀. Nǹkan bíi kúbíkì mítà mẹ́ta ni gbogbo ihò bíìmù yẹn máa gbé mì. Ìyẹn nìkan jẹ àpò bíi 19. Ọparun tí kápẹ́ńtà fi gbé pákó ró tún rì díẹ̀ nígbà tí ẹrù dé e lórí. Sẹ̀ǹtímítà kan péré lórí ilé tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àpò márùn-ún mìíràn ti lọ. Àpò 100 ló yẹ kó wà nílẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Nígbà tí wọ́n dé orí bíìmù àárín, ìdajì iṣẹ́ ló kù, ṣùgbọ́n àpò òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ míksà ti tó 50. Ẹni tó bá kà wọ́n lásìkò yẹn ì bá ti rán ẹnikẹ́ni lọ sí Lafẹ́nwá kí ṣọ́ọ̀bù tó tì. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pè mí, nígbà tí nǹkan bíi mítà méjì ṣì ṣófo, tí irin ń wò wá.

Olórí lébírà ní ká máa fi páànù yanrìn kan kún àpò kan, pé á kárí. Mo ní rárá. Yanrìn àfikún a máa mú kankéré rọ, kò sì sẹ́ni tó máa rí i títí pákó á fi kúrò. Ẹlòmíràn ní ká jẹ́ kí etí rẹ̀ ṣàn pẹrẹsẹ, ká parí rẹ̀ lọ́la. Mo kọ ìyẹn náà. Mo ní kí kápẹ́ńtà gún pákó kan lóòró láàárín irin, kí ojú ibi tí a dúró sí lè dúró ṣánṣán. Ibi tí iṣẹ́ dúró sí dára, mo dúpẹ́: mítà mẹ́ta sí bíìmù àárín, méjì sí bíìmù etí. Àárín bíìmù méjì bẹ́ẹ̀ ni kí o máa wá tí ó bá di dandan láti dúró, má ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìmù, torí ibẹ̀ ni agbára tó fẹ́ já dẹ́kìǹ ti pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kejì a fi ṣísẹ́lì ha ojú rẹ̀ títí òkúta fi yọ, a fọ̀ ọ́, a pa sìmẹ́ǹtì tí a fi omi pò sí i, a wá da ìyókù. Ilé náà dúró, àmọ́ ojú ìsopọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń wò nígbà òjò, torí omi mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọmọkùnrin yẹn kì í fi ìwé ilé nìkan ṣírò mọ́. Tí pákó bá ti wà nílẹ̀, ó máa ń gun òkè pẹ̀lú téèpù, á wọn inú pákó, á wọn bíìmù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa dànù. Lẹ́yìn náà ló máa fún bíríkìlà àgbà ní ìwọ̀n lásán, láìsọ èsì tirẹ̀, kí ìyẹn náà ṣírò. Bí àwọn méjèèjì ò bá bára mu, wọn ò ní pe ọlọ́jà.

Táíwò, bíìmù mélòó ló wà lábẹ́ tìrẹ? Fi gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn wọn ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, má fi èsì rẹ sí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ