Padà wá sí gúrúùpù, a ti ní òfin

Ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ẹ mì? Mo mọ̀ pé ariwo ló lé ẹ kúrò ní gúrúùpù Wasáàpù àwa ọmọ ilé-ìwé wa àtijọ́, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà o. Ohun tó là wá lójú ni ti ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa kan tí bàbá ẹ̀ kú. Ó kéde ìsìnkú láàárọ̀ Tọ́sìdeè, kó tó dọ̀sán, ẹ kú ọjọ́ ìbí àti àmín ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, àwa mẹ́rin péré la débẹ̀. Ó bínú, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ni wọ́n bá ní kí n kọ òfin. Mo kọ 11, gbogbo ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀", ọkọ mi kà á, ó ní ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ ṣí ni. Mo gé e sí mẹ́ta, mo wá sọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa gbà dípò kí n kàn lé e dànù: ọjà títà di Sátidé, òṣèlú ní gúrúùpù tiẹ̀ fún àwọn tó bá wù, ìkéde òkú tàbí ìyàwó, àwa ádímìn máa kàn án mọ́ òkè fún ọjọ́ 7. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rèé: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, kí ọ̀rọ̀ òkú má tún bọ́ mọ́ wa lójú, ẹ jẹ́ ká..."

Kí n tó gbé e síta, mo pe àwọn tó ń sọ̀rọ̀ jù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣó o rántí bọ̀dá tó ń fi àdúrà jí wa ní aago 4? Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó ná." Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí àdúrà di ẹyọ kan lójúmọ́, lẹ́yìn aago 6, òun náà ló sì fi ohùn ẹ̀ ka òfin yẹn sí gúrúùpù! Ta ló fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n jà?

Ní Túsìdeè, àbúrò kan gbé ilẹ̀ títà wá. Ádímìn kejì fẹ́ pa á rẹ́, mo ní rárá o, torí tí ádímìn bá pa ọ̀rọ̀ ẹni rẹ́, àmì ẹ̀ máa wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn á rí i, ojú á ti onítọ̀hún. Mo yọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó pa á rẹ́ fúnra ẹ̀, nígbà tó di Sátidé ó gbé e padà wá, àwọn méjì sì béèrè iye ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló dùn ṣá, ọ̀gbẹ́ni olóṣèlú wa yẹn bínú jáde, mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e, mo fi í sílẹ̀.

Mo ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹ. Tó o bá wọlé, jọ̀ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tó ò ń tà yẹn, Sátidé o.

Èmi ni tìẹ.