Lẹ́tà sí Bọ́lá: Oríta méjì inú ṣáàtì Túnjí

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ṣáàtì ìbí Túnjí, àwòrán bí ojú ọ̀run ti rí nígbà tí wọ́n bí i, náà sì wà nínú rẹ̀. O ní kí n ṣàlàyé ☊, àmì tó dà bí ohun tí àwọn ọmọ fi ń bo etí gbọ́ orin, àti ☋ tó jẹ́ ìdojúdé rẹ̀.

Wọn kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Ọ̀nà òṣùpá dà gẹ̀rẹ́, bíi dígírì 5, sí ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ lójú sánmà, ọ̀nà méjèèjì sì pàdé níbi méjì, bí oríta. Oríta tí òṣùpá ti ń gòkè sí àríwá ni nóòdù àríwá, ☊. Èyí tó ti ń sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù ni nóòdù gúúsù, ☋. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kọjú síra. Títí dé ibẹ̀, ìmọ̀ sánmà ni. Ìtumọ̀ àwọn awòràwọ̀ ló kù, sáyẹ́ǹsì ò sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà má fi pinnu iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé nóòdù gúúsù ń fi ohun tó ti mọ́ni lára hàn, èyí tí èèyàn máa ń sá padà sí bí nǹkan bá le. Nóòdù àríwá ni ibi tí kò tíì mọ́ni lára, tó yẹ kí a máa gbìyànjú lọ. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1996 ni wọ́n bí Túnjí. Nóòdù àríwá rẹ̀ wà ní bíi dígírì 14 nínú Líbrà, àmì òṣùwọ̀n, ọ̀kan nínú àmì méjìlá tí àwọn awòràwọ̀ pín ọ̀nà oòrùn sí, ti gúúsù sì wà nínú Éríìsì, àmì àgbò. Àgbò ló ń dá kàn níwájú: ó mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan láìdúró de ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n ní kó kọ́ bí a ti ń gbọ́ ti ẹnì kejì kó tó dáhùn. Èyí ò ní kó ju ìgboyà rẹ̀ nù o, ibi tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn. Ìgboyà náà ni yóò fi gbé àjọṣe òun àti ẹnì kejì ró.

Ṣùgbọ́n nóòdù ń lò tó oṣù 18 nínú àmì kan, nítorí náà gbogbo ẹgbẹ́ Túnjí ló jọ ní Òṣùwọ̀n yẹn. Ilé tí nóòdù bọ́ sí, ìyẹn ọ̀kan nínú apá méjìlá tí ṣáàtì pín sí, ló sọ ọ́ di tirẹ̀, wákàtí ìbí ló sì ń pinnu ilé. Aago 6:30 àárọ̀ ni ẹ kọ. Nínú oṣù kẹfà, oòrùn Àkúrẹ́ máa ń yọ ní nǹkan bí 6:23, àmì tí oòrùn sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Jẹ́mínì, ló ń yọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá ka Jẹ́mínì sí ilé kìíní, ilé karùn-ún ni Òṣùwọ̀n, ilé ọmọ àti iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni. Àgbò wà ní ilé kọkànlá, ti ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́. Tó bá jẹ́ aago mẹ́jọ ni wọ́n bí i, àmì alákàn ló ń yọ nígbà yẹn, Òṣùwọ̀n á bọ́ sí ilé kẹrin, ti ìdílé, Àgbò á sì lọ sí ti iṣẹ́. Ìtumọ̀ mìíràn gbáà nìyẹn! Nǹkan bí aago méje ló ti ń yí padà.

Yẹ ètò orí ẹ̀rọ tí ẹ fi ya ṣáàtì náà wò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ `Tropical`, ìṣirò àmì tí mo lò níbí. Bó bá jẹ́ `Sidereal`, èyí tí àwọn ará Íńdíà ń lò, nóòdù àríwá á padà sẹ́yìn ní bíi dígírì 24, á sì bọ́ sínú Fágò. `True Node` àti `Mean Node`, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ fi ń ṣírò ipò nóòdù, kò fi dígírì 2 yàtọ̀, nítorí náà kò bá Túnjí jà. Ẹni tó wà létí ààlà àmì ni kó ṣọ́ra. Kí wákàtí orílẹ̀-èdè wa sì jẹ́ GMT+1.

O béèrè nípa ọdún 2024. Nóòdù máa ń padà sí ipò tó wà nígbà ìbí lẹ́yìn bí ọdún 18 àti oṣù méje. Ti Túnjí padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, yóò sì tún padà nínú ìdajì kejì 2033. Ní 2024, òdìkejì ló wà: nóòdù àríwá ojú ọ̀run dé orí nóòdù gúúsù rẹ̀ gan-an, àwọn awòràwọ̀ sì máa ń ka ìgbà bẹ́ẹ̀ sí ìgbà tí ìwà àtijọ́ ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀.

Bá mi bi màmá yín léèrè: nígbà tí ọmọ náà ké, ṣé oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni, àbí ó ti ràn dáadáa? Má sọ ìdí rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó dáhùn. Kọ èsì náà sí mi bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́.

Èmi ni,
Fẹ́mi