Ọ̀rọ̀ "ná" tó bọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé

Ìsọ̀kun, Iléṣà.

Ọmọ́lará ọmọ mi,

Mo ti gbọ́ ohun tí o bá mi sọ láti Ifẹ̀. O ní ìpàdé ẹbí ọkọ rẹ gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀, pé àwọn àgbà méjì ta kora wọn gan-an, àwọn méjèèjì sì ti ń pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ nítorí ohun tí wàá kọ sínú ìwé ìpàdé. Má tíì kọ nǹkan kan. Gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹbí wa.

Ilẹ̀ ẹ̀bá títì la ń sọ. Bàbá Àgbà fẹ́ ká tà á, ká fi owó rẹ̀ tún òrùlé ilé ẹbí ṣe. Bàbá Olóyè ní ká kúkú fi í háyà. Ariwo sọ, wọ́n ń naka síra wọn, kásẹ́ẹ̀tì sì ń yí nínú rẹkọ́dà lórí tábìlì. Nígbà tó yá, Bàbá Olóyè jókòó, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀." Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé Bàbá ti jáwọ́ nínú àtakò rẹ̀, ilé ti gbà kí á ta ilẹ̀.

Nígbà tí mo kà á ní ìpàdé kejì, Bàbá dìde, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mo ní ná!" A gbé kásẹ́ẹ̀tì sí i, a dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó gbọ́ ọ lábẹ́ ikọ́ ẹnì kan: "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná." Ṣé o rí i? Ó ní ká sún un síwájú ni, èmi sì ti kọ ọ́ pé ó gbà. Inú ìwé ìpàdé ọjọ́ yẹn la kọ àtúnṣe sí, a ò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Nítorí náà, kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìpàdé tí o gbà sínú fóònù rẹ látòkèdélẹ̀ láìmú bírò. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kọ ìṣẹ́jú tí àbá kọ̀ọ̀kan jáde. Ibi tí ohùn bá ti gorí ara wọn, tí o ò dá a mọ̀, lọ bi ẹni tó sọ ọ́. Má fọkàn méfò.

Èébú ò gbọdọ̀ wọ ìwé, ṣùgbọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó jù ú nù. Bí àgbà kan bá ní, "Ojú kòkòrò yín ni ẹ fi fẹ́ ta ilẹ̀ tẹ́nì kan ò rí ìwé rẹ̀," ohun tí wàá kọ ni pé bàbá ní ẹnikẹ́ni ò tíì rí ìwé ilẹ̀ náà. Ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, má jẹ́ kó bá èébú lọ.

"Ó ní" ni kí o lò fún àwọn méjèèjì. Tí o bá kọ ọ́ pé ọ̀kan "ṣàlàyé," tí èkejì "jiyàn," o ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Bí wọn ò bá fẹnu kò, kọ ọ́ pé wọn ò fẹnu kò.

Má pa ohùn náà rẹ́ títí ilé yóò fi bọwọ́ lu ìwé rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọkọ rẹ.

Èmi ìyá rẹ.